Bẹ́ ẹ ṣe máa fi òwe ṣí fídíò mótífésọ̀n, kẹ́ ẹ sì tú u tán kó tó pé sẹ́kọ́ǹdì 20

Fídíò mótífésọ̀n tí mo kọ́kọ́ ṣe, òwe tó wà níbẹ̀ dáa, ohùn mi já gaara, iná tàn sójú mi dáadáa, àmọ́ kí n tó dé ìdí òwe gan-an mo ti sọ pé "Ẹ káàbọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi, orúkọ mi ni lágbájá, àwọn baba wa bọ̀ wọ́n ní òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, bí ọ̀rọ̀ bá sọnù òwe la fi ń wá a." Ìgbà tí mo padà fi aago fóònù wọ̀n ọ́n, sẹ́kọ́ǹdì 11 ti lọ, mi ò sì tíì sọ nǹkan kan. Òwe ni mo fi ń ṣílẹ̀kùn fún òwe. Ẹni tó jókòó sínú bọ́ọ̀sì, tó ń fi àtàǹpàkò sún fídíò kọjá, kò ní dúró de ìyẹn láéláé.

Sẹ́kọ́ǹdì 20 àkọ́kọ́ yẹn nìkan ni mo fẹ́ bá yín sọ o. Ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ lẹ́yìn ẹ̀, ìtàn ni o, ìmọ̀ràn ni o, ìyẹn dọwọ́ yín, torí láti ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni YouTube ti gbà kí Shorts, fídíò kúkúrú orí ẹ̀, gùn tó ìṣẹ́jú 3, àyè wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń há.

Ẹ kọ́kọ́ wá ohun tí òwe ọ̀hún ò sọ

Ibí yìí niṣẹ́ wà, torí náà ẹ jẹ́ ká pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń tú òwe lórí fídíò, ńṣe ni wọ́n máa ń tún òwe yẹn sọ lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n á ní "Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà," wọ́n á wá ní "òwe yìí túmọ̀ sí pé ká máa ṣe nǹkan díẹ̀ díẹ̀." Ẹni tó gbọ́ Yorùbá ti mọ ìyẹn, ẹni tí ò gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀ náà ò sì rí nǹkan kan mú lọ.

Òwe kì í sọ gbogbo ẹ̀ tán. Nǹkan kan máa ń wà tí ẹni tó kọ́kọ́ pa á ò dárúkọ torí pé gbogbo ẹni tó jókòó tì í nígbà náà ló ti mọ̀ ọ́n. Nǹkan yẹn lẹ ó fi sẹ́kọ́ǹdì yín sọ. Ẹ wo "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lejò ń gun àgbọn." Ohun tí òwe yẹn ò sọ ni pé ejò ò lọ́wọ́, ejò ò lẹ́sẹ̀. Ẹ sọ gbólóhùn kan yẹn, òwe ti là, ẹ ò ní láti ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wàásù sùúrù fún ẹnikẹ́ni. Ẹ tún wo "Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù." Ọmọ tí wọ́n bí sí London tàbí Houston, tí ò bọ́ bàtà rìn níta rí, kí ló kàn án pẹ̀lú ilẹ̀ tútù? Ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ lásán lẹni yẹn fi ń rìn, oòrùn sì ti yan ilẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti sọ pé "ẹsẹ̀ lásán, ọ̀sán gangan," ara ẹni tó ń gbọ́ á ti mọ̀ ọ́n kí ọpọlọ ẹ̀ tó mọ̀ ọ́n.

Torí náà kẹ́ ẹ tó gbé fóònù, ẹ bi òwe yín ní ìbéèrè mẹ́ta: ta ló wà nínú ẹ̀, kí ló ń ṣe, kí ló dé tó fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀? Méjì àkọ́kọ́, òwe fúnra ẹ̀ ti dáhùn. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta lẹ ń wá. Tẹ́ ẹ bá wá a tí ẹ ò rí i, ẹ fi òwe yẹn sílẹ̀ ná, ẹ lọ bi àgbà kan, torí ẹ ò tíì mọ òwe yẹn, ẹ kàn mọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ lórí ni.

Èyí tí mo fẹ́ ká jọ ṣe pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin nìyí:

"Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn."

Ta ló wà nínú ẹ̀? Ọmọdé àti àgbà. Kí ni wọ́n ń ṣe? Wọ́n ṣubú, ẹnì kan ń wo iwájú, ẹnì kan ń wo ẹ̀yìn. Kí ló dé? Òwe ò sọ. Èmi rò tẹ́lẹ̀ pé àgbà ń wẹ̀yìn torí ojú ń tì í ni, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti rí òun. Ọjọ́ tí mo sọ bẹ́ẹ̀ fún màmá mi ni wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní "Ọmọdé ń wo ẹni tó máa gbé e ni jàre. Ta ló fẹ́ gbé àgbà? Ohun tó kọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ ló ń wò, kó má bàa tún gbé e ṣubú lọ́la." Bí mo ṣe rí èyí tí òwe ò sọ nìyẹn. Òkúta ni.

Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ mú àti èyí tó yẹ kẹ́ ẹ fi sílẹ̀

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. Òwe tó bá gba ju sẹ́kọ́ǹdì 6 lọ lẹ́nu yín, ó ti gùn jù, ẹ fi pamọ́ de fídíò gígùn. "Bí a bá gúnyán nínú ewé, tí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó" dùn gan-an ni, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó ṣàlàyé bí èèpo ẹ̀pà ṣe kéré tó ilé ti ṣú. Èyí tí gbogbo ayé ti kọ́ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bí "iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́," àwọn èèyàn á ti bá yín parí ẹ̀ lẹ́nu, wọ́n á sì ti sún yín kọjá. Ẹ ṣọ́ra fún òwe tó bá ń bá ọ̀rọ̀ yín jà náà. Mo ti rí ẹni tó fi "Àyànmọ́ ò gbóògùn" ṣí fídíò tó wá ń sọ pé ká jí lówùúrọ̀ kùtùkùtù ká ṣiṣẹ́ kára, tí mo ń ronú pé tí àyànmọ́ ò bá gbóògùn kí ni mo fẹ́ jí ṣe.

Ó sì ní àwọn òwe tó jẹ́ pé aláìlera ni wọ́n fi ṣe àpèjúwe, bíi ti adẹ́tẹ̀ tí ò lè fún wàrà àmọ́ tó lè dà á nù. Ní agboolé, láàárín àgbà méjì tó mọra wọn, kò sí wàhálà. Lórí fídíò tí ẹni tí àìsàn ń bá jà lè rí, tẹ́ ẹ ò sì ní ju sẹ́kọ́ǹdì 20 lọ láti ṣàlàyé ara yín, ẹ má dán an wò.

Kíkọ ọ́ sílẹ̀

Ẹ má rò ó pé ẹ máa sọ ọ́ látorí. Ẹ kọ ọ́. Ní tèmi, tí mo bá sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, tí mo sì dánu dúró níbi tó yẹ, ọ̀rọ̀ bí 50 ló ń wọ sẹ́kọ́ǹdì 18. Tiyín lè jù bẹ́ẹ̀, ẹ fi aago fóònù wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta kẹ́ ẹ mọ ìwọ̀n ẹnu yín. Ohun tí mo kọ nìyí:

"Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn.

Ọmọdé ń wo ẹni tó máa wá gbé e. Àgbà ń wo òkúta tó gbé e ṣubú.

Ẹni tó jẹ gbèsè nídìí ọjà lóṣù tó kọjá, kó tó lọ yá owó míì, kó padà lọ wo òkúta yẹn."

Ọ̀rọ̀ 52 ni gbogbo ẹ̀. Òwe gba sẹ́kọ́ǹdì 5, mo dákẹ́ fún sẹ́kọ́ǹdì 1, ìlà kejì gba 5, ìlà kẹta gba bíi 7. Ó parí sí 18.

Ẹ wo ìlà kejì yẹn dáadáa. Kò sí "òwe yìí túmọ̀ sí pé," kò sí "ohun tí àwọn baba wa ń gbìyànjú láti sọ fún wa ni pé." Ọ̀rọ̀ báyẹn á jẹ sẹ́kọ́ǹdì 2 tàbí 3 láìsí ẹran nínú ẹ̀, ó sì máa ń jẹ́ kí fídíò dà bí kíláàsì. Ojú àwòrán òwe náà ni mo dúró sí, mo kàn fi ohun tó ń bẹ níwájú ọmọdé àti ohun tó ń bẹ lẹ́yìn àgbà hàn ni. Ó sì dún bí òwe fúnra ẹ̀, apá méjì tó ń bára wọn mu, "gbé e" lápá kan, "gbé e ṣubú" lápá kejì. Èyí ò ṣèèṣì, mo kọ ọ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹfà. Àkọ́kọ́ tí mo kọ ni "àgbà ń wo ohun tó fa ìṣubú ẹ̀," ó tọ̀nà, àmọ́ "ohun tó fa ìṣubú" ò ṣeé rí lójú, òkúta ṣeé rí.

Ìlà kẹta ni ibi tí òwe ti kan ilẹ̀, ẹnì kan pàtó ló sì gbọ́dọ̀ bá nílé. Tí mo bá ní "torí náà nígbàkígbà tí nǹkan bá dojú rú fún ẹ nílé ayé," kò sí ẹni tó máa rò pé òun ni mò ń bá wí. Ẹni tó jẹ gbèsè nídìí ọjà lóṣù tó kọjá mọ ara ẹ̀, ẹni tí ò jẹ gbèsè náà á ronú kan tiẹ̀ fúnra ẹ̀.

Kí ló dé tí mo fi ní "ẹni tó" tí mi ò ní "ìwọ tó o"? Torí mi ò mọ ẹni tó ń wò mí. Tí mo bá ń "ìwọ, ìwọ" lórí fídíò, tí ìyá tó ju màmá mi lọ sì ń wò ó lórí fóònù ọmọ wọn, mo ti rí fín nìyẹn. Tí mo bá wá ní "ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ gbèsè," ó máa dà bí ìgbà tí mo ń bá ìpàdé ẹgbẹ́ ọlọ́jà sọ̀rọ̀, kò ní ta ẹnì kankan lára. "Ẹni tó" ló bọ́ sí i, bó ṣe wà nínú òwe gan-an náà nìyẹn, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá bá kó gbà á.

Ó ku tótó. Ẹni tó ti gbé lọ́dọ̀ àgbà mọ̀ pé ọmọdé kì í pòwe lójú àgbà kó má sọ pé "tótó, ó ṣe bí òwe o," tí wọ́n á sì dá a lóhùn pé "wàá rí òmíràn pa." Fídíò mi kan wà tí mi ò ti tótó, bàbá kan kọ ọ́ sí kọ́mẹ́ǹtì pé "ta ni ọmọ yìí ń pòwe fún?" Wọn ò tiẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ohun tí mo sọ, ìyẹn nìkan ló jẹ wọ́n lógún, wọn ò sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fi ṣíwájú òwe, á jẹ sẹ́kọ́ǹdì 2 tó ṣe kókó jù. Ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń kọ "Tótó, ó ṣe bí òwe o" ní lẹ́tà kéékèèké sójú fídíò bí òwe bá ṣe ń parí, kò gba ẹnu mi rárá, àwọn àgbà sì ń rí i.

Gbígba ohùn àti gbígé e

Ẹ pa fáànù, ẹ rìn jìnnà sí jẹnẹrétọ̀, ẹ gbé fóònù dúró lóòró ní nǹkan bí ìnà apá kan síwájú yín. Ìyẹn gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n. Èyí tí àwọn èèyàn kì í kíyè sí ni pé ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn òwe wa yìí ni "ẹ̀yìn," ohùn ìsàlẹ̀ méjì tẹ̀ léra wọn. Èémí ti ń tán lọ níbẹ̀, ohùn náà sì ń lọ sílẹ̀, fóònù ò ní gbọ́ nǹkan kan ju "á wo..." lọ, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹ mí lẹ́yìn "iwájú," kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ "bí àgbà." Tẹ́ ẹ bá gbà á tán, ẹ fi íà-píìsì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn yẹn nìkan, tí ò bá jáde, ẹ tún un gbà.

Tẹ́ ẹ bá gbé e sínú CapCut, áàpù tí wọ́n fi ń gé fídíò, ẹ gé gbogbo ìdákẹ́ tó ṣíwájú "Bí" kúrò, títí kan ibi tẹ́ ẹ ti ń na ọwọ́ tẹ bọ́tìnnì. Àmọ́ sẹ́kọ́ǹdì 1 tẹ́ ẹ dákẹ́ lẹ́yìn òwe, ẹ má gé e o. Ọwọ́ máa ń yún èèyàn láti gé e torí ó dà bí àṣìṣe. Inú ìdákẹ́ yẹn lẹni tó ń wò ti ń bi ara ẹ̀ pé "kí ló wá ń wò lẹ́yìn?" Tẹ́ ẹ bá gé e, ẹ ti dáhùn ìbéèrè tẹ́nì kan ò tíì bi.

Orin abẹ́ ọ̀rọ̀ ńkọ́? Tó bá jẹ́ dùndún tàbí gángan lẹ fẹ́ fi sí i, ẹ ní sùúrù. Ìlù yẹn ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó gbọ́ ìlù á máa gbọ́ ohun tí onílù ń wí lábẹ́ ohùn yín, nǹkan méjì á wá máa bára wọn jà ní etí ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìlù bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìlà kẹta, tàbí kẹ́ ẹ lo ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, òun kì í fọhùn bíi gángan.

Ọ̀rọ̀ ojú fídíò

Òwe àti tótó yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ kọ sójú fídíò, ẹ má kọ àlàyé. Tẹ́ ẹ bá kọ àlàyé náà, ojú á ti ka òkúta kí ẹnu yín tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ẹ gbé e sókè díẹ̀ sí àárín, torí ìsàlẹ̀ àti apá ọ̀tún ni àwọn bọ́tìnnì àti àkọlé máa ń bò.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni àmì. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì tó rẹwà nínú àwọn áàpù yìí ò mọ "ẹ̀" pọ̀ mọ́ra, àmì orí ẹ̀ á fò lọ sórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, tàbí kí àpótí kékeré yọ jáde dípò ẹ̀. Ẹ tẹ "ẹ̀yìn" àti "ṣubú" sí i kẹ́ ẹ wo bó ṣe ṣe kẹ́ ẹ tó kọ gbogbo ẹ̀. Gboard, kíbọ́ọ̀dù Google, ní ti Yorùbá tó máa fún yín ní àmì wọ̀nyẹn, fọ́ǹtì Noto Sans sì máa ń gbé wọn dáadáa. Tí áàpù yín ò bá ní fọ́ǹtì tó gbé e, ẹ kọ òwe náà síbòmíì lórí fóònù, ẹ yà á bí àwòrán, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ fídíò. Ẹ má sọ pé àmì ò ṣe pàtàkì o. Ẹni tó kọ "Igba o lo bi orere" láìsí àmì kankan, ṣé ìgbà ló ń sọ ni àbí igbá, àbí igba náírà? Ẹni tí ò mọ òwe yẹn tẹ́lẹ̀ ò ní mọ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó là

Ẹ má fi iye wíwò dá ara yín lẹ́jọ́, torí láti ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2025, YouTube ti ń ka wíwò kan ní gbàrà tí Shorts bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeré, ẹni tó sún un kọjá kíá náà wà nínú òǹkà. Ẹ lọ wo ìlà tó ń fi ibi táwọn èèyàn ti ń já bọ́ hàn nínú YouTube Studio. Tó bá já wálẹ̀ ní sẹ́kọ́ǹdì 1 sí 3, bẹ́ ẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ òwe ló ní ìṣòro. Tó bá jẹ́ pé wọ́n dúró gbọ́ òwe tán, tó wá já wálẹ̀ ní bíi 7 sí 8, àlàyé yín ló ń tún òwe sọ.

Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó gbé e síta rárá, ẹ mú ẹnì kan nínú ilé tí kò gbọ́ nígbà tẹ́ ẹ ń gbà á. Ẹ yí ojú fóònù dojú bolẹ̀, kó gbọ́ ohùn nìkan, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ má bi í pé "ṣó dùn?" torí á ní ó dùn. Ẹ bi í pé "Kí ni àgbà ń wò?" Àbúrò mi ọkùnrin ni mo fi dán tèmi wò níjọ́ yẹn, ó ń jẹ búrẹ́dì lọ́wọ́, ó ní "ẹ̀yìn." Òwe ló gbọ́, kò gbọ́ àlàyé. Mo padà lọ gbọ́ ọ, mo rí i pé mo ti sáré lórí "òkúta," mo dà á pọ̀ mọ́ "tó gbé e." Mo tún ìlà kejì yẹn nìkan gbà, mo dúró díẹ̀ lórí òkúta, mo wá lọ gbé e fún màmá ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tó wá kí wa, mo bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà. Wọ́n ní "Òkúta tó gbé e ṣubú ni. Ta ló jẹ gbèsè?"